Ẹ Má Gé Ọjọ́ Ẹ̀gẹ́ Kúrú
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé tí omi lé kúrò nílé sọ ní Ògìdì

 

Ẹ̀gẹ́ tí ẹ sáré wú kí omi tó bò ó wà nínú àpò yín. Ebi ń pa ọmọ, owó kò sí, ó sì ń ṣe yín bíi pé kí ẹ se é lónìí kí gbogbo yín jẹun. Nípa ìkánjú yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

Májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò ni wọ́n ń pè ní sáyánáídì. Ó so mọ́ ohun kan bíi ṣúgà nínú ẹ̀gẹ́ náà. Ohun mìíràn tó lè já a kúrò wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ògiri wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá rin ẹ̀gẹ́, ògiri wó, wọ́n pàdé, májèlé náà sì tú: díẹ̀ á bá omi lọ, díẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹ bá sì rẹ ẹ́ sómi, bó ṣe ń rọ̀ lójoojúmọ́ ni ògiri náà ń wó.

Ìdí nìyí tí sísè nìkan kò fi tó. Bí ẹ bá bó ẹ̀gẹ́ kíkorò tí ẹ sì dà á sórí iná, ooru á pa ohun tó yẹ kó já májèlé kúrò kó tó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ á rọ̀ lẹ́nu, májèlé á sì wà níbẹ̀.

Ní agbègbè Bándúndù ní Kóńgò, ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn obìnrin fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò kí wọ́n tó sá a. Nígbà tí ọ̀nà ọ̀dà dé, tí àwọn oníṣòwò ń wá rà á lọ sí Kínṣásà, ọ̀pọ̀ wọn gé e sí ọjọ́ kan kó lè yá tà. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní kónsò bá wọn: ẹsẹ̀ méjèèjì á ṣàdédé le gan-an, kì í sì í padà bọ̀ sípò mọ́. Ní 1981, nígbà ọ̀dá ní Nàmpúlà ní Mòsáńbíìkì, ó lé ní 1,000 ènìyàn tí irú rẹ̀ mú, àwọn obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Ọ̀dá ni tiwọn, omi ni tiwa, ṣùgbọ́n ebi kan náà ni.

Bí ẹ kò bá mọ oko tí ẹ̀gẹ́ ti wá, ẹ kà á sí kíkorò. Èyí tó ti jẹrà tàbí tó dúdú nínú, ẹ dà á nù.

Ẹ jẹ́ ká fi àpò kan ṣe gààrì. Ní àárọ̀ Ajé, ẹ bó o, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rin ín lọ́jọ́ náà kó kúnná dáadáa, torí gbogbo èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ ní wóńwó, ògiri rẹ̀ kò tíì wó. Ẹ dà á sápò, ẹ gbé òkúta lé e, ẹ fi sílẹ̀ di Ọjọ́bọ̀. Omi tó ń jò jáde, ẹ gbẹ́ ihò fún un níbi tó jìnnà sí kànga, kí ewúrẹ́ má sì mu ún. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ fún un gbẹ, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ yan án díẹ̀díẹ̀ nínú agbada títí yóò fi gbẹ táútáú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti yan án, kì í ṣe inú yàrá tí ọmọ ń sùn sí, torí májèlé wà nínú èéfín yẹn.

Fún fùfú, ẹ bó o, ẹ gé e kéékèèké, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́. Omi tó ya wọ ilé kò ṣeé lò. Ọjọ́ mẹ́ta ló kéré jù. Bí òtútù bá mú, ó lè di mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: bí ó bá fọ́, tí okùn àárín rẹ̀ sì yọ wọ́ọ́rọ́, ó ti tó. Bí ó bá ṣì le, ẹ dá a padà sómi. Bí aládùúgbò bá ní omi fùfú tó kan, ẹ bu ife kan sí i. Yóò mú un yá. Lẹ́yìn náà ẹ jọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀, ẹ da omi orí rẹ̀ nù, ẹ fún un, kí ẹ tó rò ó lórí iná títí yóò fi jinná.

Ní ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ń dúró yẹn, ìrẹsì tàbí àgbàdo tí wọ́n bá pín fún yín ni kí ẹ jẹ. Ẹ tọ́jú ẹ̀wà àti ẹja rẹ̀ de ìgbà tí gààrì bá dé, torí àwọn ni ara fi ń lé ìyókù májèlé jáde. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀gẹ́, tí orí ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó sì ń bì láàárín wákàtí díẹ̀, pàápàá ọmọdé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ̀gẹ́ ló jẹ.