Ọlọ Inú Ọmọ SS: Ìdí Tí A Fi Ń Fún Un Ní Pẹnisílìnì Kó Tó Ṣàìsàn

Tí a bá ti dárúkọ fòníkú-fọ̀ládìde, ìrora eegun ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ọ̀rọ̀ tèmi lónìí dá lórí ewu kan tí kì í dun ọmọ rárá títí di ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀.

Ọlọ inú wà lábẹ́ ìhà òsì wa. Asẹ́ ló jẹ́ fún ẹ̀jẹ̀: bí kòkòrò àìfojúrí bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni ara ti ń mú un. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ SS, ẹ̀jẹ̀ tó ń lò nínú oyún ṣì ń dáàbò bò ó. Láti bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ yẹn á máa dín kù, èyí tó ń tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé á gba ipò rẹ̀, á sì máa dí àwọn òpó tín-ín-rín inú ọlọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ọlọ náà á máa kú, bẹ́ẹ̀ ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń rá kiri.

Kòkòrò tó máa ń jàǹfààní èyí jù ni nimokókóòsì, tó ń fa òtútù àyà àti lọ́rùnlọ́rùn. Inú imú àti ọ̀fun àwọn ọmọdé tí ara wọn le koko ló ń gbé. Ó ní èèpo kan tó fi bo ara, èèpo yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rí i mú bí ọlọ kò bá sí. Ó lè pa ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀ tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná.

Ní 1986, Marilyn Gaston àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 215. Wọ́n fún ọmọ 105 ní pẹnisílìnì lójoojúmọ́, wọ́n fún 110 yòókù ní ohun tí kì í ṣe òògùn náà. Ọmọ 13 nínú 110 ni kòkòrò yìí wọ ẹ̀jẹ̀ wọn, mẹ́ta sì kú. Méjì péré ni nínú 105, kò sì sí èyí tó kú. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé. Àwọn kan nílẹ̀ Áfíríkà ṣì ń jiyàn pé kòkòrò yìí kì í ṣe ìṣòro tiwa, àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kilifi ní Kẹ́ńyà, tó jáde ní 2009, fi hàn pé òun ló ṣíwájú nínú àwọn kòkòrò tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ SS tó ṣàìsàn líle. Ó yẹ kí àríyànjiyàn yẹn ti parí.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ kan tí àyẹ̀wò fi hàn lẹ́yìn ìbí pé SS ni. Láti oṣù méjì ni pẹnisílìnì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: mílígíráàmù 125 láàárọ̀, 125 lálẹ́. Èyí tó jẹ́ olómi kì í pé ju ọjọ́ méje lọ lẹ́yìn tí a bá ti pò ó, inú fíríìjì ló sì gbọ́dọ̀ wà. Níbi tí iná kò bá ti dúró, ó sàn kí ìyá lo oníhóró 250, kó dá a sí méjì, kó lọ ìdajì kúnná, kó fi omi ṣíbí kan pò ó. Hóró kan lójúmọ́, ọgbọ̀n hóró lóṣù. Tó bá pé ọdún mẹ́ta, á di hóró kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

Abẹ́rẹ́ nimokókóòsì tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 kò gbọdọ̀ fo òun náà. Èèpo kòkòrò yẹn ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ wọ́n so ó pọ̀ mọ́ purotéènì, torí ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kì í dá èèpo náà nìkan mọ̀ dáadáa. Èyí ló fà á tí abẹ́rẹ́ àfikún, tí wọ́n fi èèpo oríṣi kòkòrò náà 23 ṣe láìsí purotéènì, fi ń dúró dìgbà tí ọmọ bá pé ọdún méjì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí ti ìṣáájú. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n á tún un gbà. Abẹ́rẹ́ lọ́rùnlọ́rùn tún wà, àti ti ọ̀fìnkìn líle lọ́dọọdún. Òbí ló sábà máa ń san owó àwọn àfikún wọ̀nyí fúnra rẹ̀, ó sì ń dùn mí. Níbi tí abẹ́rẹ́ tuntun tó gba oríṣi 20 wà, oníṣègùn lè lo ìyẹn dípò ti 23.

Àwọn ìyá máa ń bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà tó ti gba abẹ́rẹ́, ṣé kí n dá òògùn dúró?” Rárá o. Oríṣi nimokókóòsì lé ní àádọ́rùn-ún, abẹ́rẹ́ kò ká gbogbo wọn. Títí ọmọ á fi pé ọdún márùn-ún ni a kò gbọdọ̀ dá a dúró. Lẹ́yìn ìgbà náà, oníṣègùn lè ní kó dáwọ́ dúró bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá pé, tí kòkòrò yìí kò tíì wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí, tí wọn kò sì tíì fi iṣẹ́ abẹ yọ ọlọ rẹ̀. Ọmọ tí pẹnisílìnì kò bá lára mu, ẹ̀rítúrómáísìn ni wọ́n máa ń fún un.

Síbẹ̀, pẹnisílìnì kò ká Salmonẹ́là, tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí nílẹ̀ wa. Nítorí náà, bí tẹmómítà bá fi 38.5 hàn, ẹ má ṣe fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù kí ẹ wá máa dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e lọ, ẹ sì tètè sọ pé SS ni. Bí àyẹ̀wò ibà bá sọ pé ibà wà, ìyẹn kò fi hàn pé kòkòrò kò sí nínú ẹ̀jẹ̀; kí dókítà gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò, kó sì fún un ní abẹ́rẹ́ sẹfitiráyásóònù láìdúró de èsì.