Ilẹ̀ tàbí ẹ̀mí: ta ló sọ pé méjì péré ni?

Tí ẹ bá ń ka àròkọ lórí ọ̀rọ̀ màálù àti oko ní Ìbàràpá wa níbí, ẹ ó rí i pé oríṣi ìyàn méjì kan kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú wọn wò.

Ní oṣù Keje ọdún 2018, wọ́n bi Fẹ́mi Adéṣínà, agbẹnusọ Ààrẹ Bùhárí, lórí tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tí kò fẹ́ fi ilẹ̀ baba wọn sílẹ̀ fún ibùdó màálù. Ohun tó sọ ni pé alààyè ló ń ní ilẹ̀ baba. Tí èèyàn bá ti kú, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ̀nà di méjì: fi ilẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí o kú. Ìjọba tó yẹ kó mú apànìyàn kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Ẹni tó ni màálù, tó lè fi owó ara rẹ̀ háyà ilẹ̀, kò sí níbẹ̀ náà. Ìbéèrè tó ń tú irú ìyàn yìí ni pé: ta ló yọ àwọn ọ̀nà yòókù kúrò, kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀?

Ẹ má kàn dárúkọ ọ̀nà kẹta kí ẹ sì lọ sùn o. Ọ̀yọ́ ṣe òfin tó de fífi màálù jẹko káàkiri ní 2019. Síbẹ̀, lóru ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n wọ Igangan, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sun ilé. Ẹni tó bá kọ “òfin” sínú àròkọ gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí yóò mú un ṣẹ.

Ìyàn kejì, àwa náà la sábà máa ń jà á. Nígbà tí ètò Rúgà dé ní 2019, ohun tí à ń gbọ́ ni pé: tí a bá fún wọn nílẹ̀ lónìí, wọ́n á kó ẹbí wá, wọ́n á fi ọba tiwọn jẹ, ìlú á di Ìlọrin. Ẹ kà á: ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni, oníkálukú ló sì ń fẹ́ ẹ̀rí tirẹ̀. Ní Ìlọrin, Àfọ̀njá fúnra rẹ̀, tó ń bá Aláàfin jà, ló kó ọmọ ogun jọ sábẹ́ ara rẹ̀, àwọn ọmọ ogun náà ló sì padà pa á. Lónìí, láìsí ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ta ló ń jọba ní Ìbàràpá? Ìgbésẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ já.

Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ lágbára. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ìwé ilẹ̀ sì lè tó ọdún 99. Nítorí náà, dípò “ìlú á di tiwọn”, ẹ kọ ọ́ báyìí: ọdún mélòó ni wọ́n fẹ́ kọ sínú ìwé náà, orúkọ ta ni yóò wà lórí rẹ̀, èló sì ni àgbẹ̀ tó ń dáko síbẹ̀ yóò gbà?