Ìwé Ojú Kan Tàbí Ìwé Ètò Òwò Kíkún?

Bí òwò tuntun bá sọ sí wa lọ́kàn, ìwé wo ni kí á kọ́kọ́ kọ?

Ìwé ètò òwò kíkún a máa béèrè iye ọjà àti èrè ọdún bíi mẹ́ta. Ẹni tí kò tíì tà rí, àfojúdá ni yóò kọ síbẹ̀. Líìn kánfáàsì kò ju ojú ìwé kan lọ. Ilé mẹ́sàn-án ló ní, bíi ìṣòro oníbàárà, ẹni tí yóò rà á, àti owó tí yóò wọlé.

Ká ní ìyá kan fẹ́ máa ta ẹ̀wà bíbó gbígbẹ fún àwọn alákàrà. Nínú ilé ìṣòro, ó kọ pé ẹ̀wà bíbó ń gba àkókò wọn. Kí ó dán an wò: kí ó ta kóńgò kọ̀ọ̀kan fún alákàrà márùn-ún. Ìyìn ẹnu kò tó. Owó ni ẹ̀rí. Bí ẹnì kankan kò bá padà wá rà, kí ó pa ohun tó kọ rẹ́, kí ó kọ òmíràn.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń padà wá, tó sì fẹ́ yá owó ẹ̀rọ ní báńkì, ìgbà náà ni kí ó kọ ìwé kíkún. Iye tó ti tà gan-an ni yóò wà nínú rẹ̀.