Ọgbọ̀n Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Aránṣọ Tuntun

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé)

Wọ́n ní kí á sọ̀rọ̀ lórí bí aránṣọ tuntun ṣe lè lo ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tí ojú wa ti rí nínú ẹgbẹ́ yìí ni a ó sọ, nítorí pé àwa tí a ń jókòó yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò ni ẹjọ́ máa ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí owó bá kọ̀ tí kò padà.

Nínú àwọn ẹjọ́ tí a ti gbọ́, a kò tíì rí èyí tí ó jẹ́ pé àìmọ iṣẹ́ ni ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Nǹkan méjì ni a máa ń bá níbẹ̀: ọjọ́ tí aránṣọ dá fún oníbàárà tí kò lè mú ṣẹ, àti owó àsansílẹ̀ tí ó ti ná tán kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Ìkirè ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ọ̀gá rẹ̀ pàápàá ń yìn ín. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré ó ti gba aṣọ 14, ó sì dá ọjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, èyíinì ni ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la. Ó gba àsansílẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀. Ó fi ra dígí ńlá, ó san èyí tó kù nínú owó kápẹ́ńtà, ó sì ra oúnjẹ ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ ọdún mọ́, aṣọ 8 ni ó parí, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sùn lóòótọ́. Àwọn 6 tó kù wọ aṣọ àtijọ́ lọ sí yídì. Láti yídì ni wọ́n ti bá a délé pé kí ó dá owó àwọn padà. A ó padà sí ọ̀rọ̀ arábìnrin yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣí, ẹ má ṣí ìlẹ̀kùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ti ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yín ni. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ti lò rí, ẹ mú àjákù àǹkárá, ẹ rán an ní ẹyọ kan, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin kí ẹ tún rán an. Ẹ wo òkè, ẹ wo ìsàlẹ̀. Bí òwú bá ń di kókó nísàlẹ̀, òwú òkè ni kò fún tó, tàbí kí a má ti fi í gba ojú ọ̀nà rẹ̀ dáadáa. Bí òwú òkè bá nà tọ́ọ́rọ́ lókè láìwọ inú aṣọ, òwú òkè ni ó fún jù, tàbí kí òwú ìsàlẹ̀ má fún tó. Bí ó bá ń fo ìrán, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó pe alátùn-únṣe, nítorí pé abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ tàbí tó kú lẹ́nu ni ó sábà máa ń fa èyí. Abẹ́rẹ́ 14 dára fún àǹkárá, 16 fún aṣọ tó nípọn, 11 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ gan-an ni kí ẹ fi sí i, ẹ má fi epo mọ́tò sí i. Bí ẹ bá ti fi epo sí i tán, ẹ fi àkísà rán kiri títí epo kò fi ní hàn lára rẹ̀ mọ́. Ojú epo lára léèsì olówó ńlá kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ní báyìí, ẹ rán aṣọ mẹ́ta fún ara yín tàbí fún ará ilé, kí ẹ sì gbé aago síwájú. Èyí ni a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Arábìnrin wa ti Ìkirè kò mọ iye wákàtí tí gáùn kan ń gbà. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní òun a máa rán gáùn méjì lóòjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ilé ọ̀gá rẹ̀, níbi tí ọmọ iṣẹ́ kan ti ń lọ aṣọ, tí òmíràn ń gbá bọ́tìnnì, tí òun kàn ń jókòó sí ìdí ẹ̀rọ. Nígbà tí a jọ ka wákàtí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún, gáùn oníláínìn kan gba wákàtí kan láti gé, wákàtí 3 àti ààbọ̀ lórí ẹ̀rọ, wákàtí kan fún ìṣẹ́tí àti bọ́tìnnì, ààbọ̀ wákàtí fún wíwọ̀ ọ́ wò, ààbọ̀ wákàtí fún lílọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 6 àti ààbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo iye wákàtí tí ó ní. Ó ń ṣí ní aago 8 àárọ̀, ó ń tì ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí 10 nìyẹn lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá wọn ara ń bẹ, ẹni tó wá nájà ń bẹ, iná a máa lọ, ọmọ a máa ti ilé ìwé dé. Wákàtí 6 péré ni ọwọ́ fi wà lórí aṣọ lóòjọ́. Ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀ jẹ́ wákàtí 36. Ẹ yọ ìdámẹ́rin rẹ̀ kúrò fún aṣọ tí yóò padà wá fún àtúnṣe, nítorí yóò padà wá. Wákàtí 27 ló kù. Bí ẹ bá fi wákàtí 6 àti ààbọ̀ pín in, gáùn 4 ni, kò pé 5. Ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ 8, iye tí ó parí gan-an ṣáájú Iléyá náà nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ̀, ó kàn ṣèlérí ohun tí ọjọ́ kò lè gbà.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé ńlá kan kí ìlẹ̀kùn tó ṣí ní ọjọ́ kọkànlá. Ojú ewé kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fa ìlà 4 péré sí i, tàbí iye tí aago tiyín bá sọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ìlà 2 tó. Bí ìlà bá kún, oníbàárà tó dé bọ́ sí ojú ewé kejì nìyẹn, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ọjọ́ tí ẹ bá sì rò pé ẹ ó parí, ẹ fi ọjọ́ méjì kún un kí ẹ tó sọ ọ́ fún olówó aṣọ.

Ní orí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọ̀pá aṣọ tí ó mú wá, ìwọ̀n èjìká, àyà, ìbàdí, ìdí, gígùn apá àti gígùn aṣọ. Ẹ gé ìrẹ́pẹ́ kékeré lára aṣọ náà, kí ẹ fi pín-ìnnì so ó mọ́ ibẹ̀, kí àǹkárá ẹni méjì tó jọra má baà dàrú. Ẹ tẹ́ aṣọ náà lójú olówó rẹ̀. Bí ó bá ní ihò tàbí àbàwọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó rí i. Ẹni tó bá sì fi àwòrán hàn yín lórí fóònù, irú èyí tí ẹ kò rán rí, ẹ má dá owó tàbí ọjọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí ó padà wá lọ́la, kí ẹ fi àjákù dán ibi tó le nínú rẹ̀ wò ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ẹ tó rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ pa, ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so ó, kí olówó rẹ̀ wọ̀ ọ́ wò. Ẹ fi íǹṣì kan sílẹ̀ nínú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. A lè fún aṣọ tó tóbi, ṣùgbọ́n èyí tí a ti gé kéré kò ní àtúnṣe, bí kò ṣe pé kí ẹ san owó aṣọ.

Ó wá ku owó. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kí kálukú sì fi iye àdúgbò tirẹ̀ sí i. Ká ní owó ṣọ́ọ̀bù, iná àti ìtọ́jú ẹ̀rọ jẹ́ ₦16,000 lóṣù. Aṣọ 16 ni ẹ lè rán lóṣù, nítorí náà aṣọ kọ̀ọ̀kan ru ₦1,000. Láínìn, síìpù àti òwú jẹ́ ₦1,500. Bí ẹ bá gba ₦6,000, ₦3,500 ni owó iṣẹ́ ọwọ́ yín, fún wákàtí 6 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá gba ₦3,000 kí ó lè rí oníbàárà, ₦500 ni ó kù fún un. A ti rí i.

Bí oníbàárà bá san ìdajì, ₦3,000, sílẹ̀, ẹ fi ₦1,500 ra láínìn àti síìpù aṣọ náà ní ọjọ́ yẹn gan-an. ₦1,500 tó kù kì í ṣe tiyín títí aṣọ yóò fi jáde. Ẹ fi í sínú agolo ọ̀tọ̀, tàbí kí ẹ fi í sọ́wọ́ akápò ẹgbẹ́. Èyí ni ó dun arábìnrin wa jù. Oníbàárà 2 nínú àwọn 6 náà gba aṣọ wọn láìrán, wọ́n sì fẹ́ owó wọn. Dígí ni owó náà, a kò sì lè gé dígí san gbèsè. Ẹ̀yáwó kékeré láti inú ẹgbẹ́ ni ó fi san án, ó sì lọ sí ilé àwọn 4 yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá ọjọ́ tí ojú ewé rẹ̀ lè gbà fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Nípa pátákó orúkọ, àga àlejò àti dígí, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró di oṣù kejì. Dígí kékeré tó hàn láti orí dé ẹsẹ̀ ti tó.

Ní ọjọ́ 28 sí 30, ẹ ṣí ìwé yín. Ẹ ka iye aṣọ tó jáde ní ọjọ́ tí ẹ dá, iye tó pẹ́, àti iye tó padà wá fún àtúnṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ọrùn ni ó ń padà wá nígbà gbogbo, ẹ mọ ohun tí ẹ ó lọ bi ọ̀gá yín. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ ń fún wọn, téèpù yín tàbí bí ẹ ṣe ń wọn ara ni kí ẹ yẹ̀ wò. Téèpù àtijọ́ a máa fà, ẹ fi tuntun wọ̀n ọ́n.

Ìgbà yìí náà ni ọ̀pọ̀ máa ń wá bá wa pé àwọn fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ wíífìn. Ohun tí a máa ń bi wọ́n ni pé, èló ni ẹ ń san fún ẹni tó ń bá yín wíífìn? Bí ó bá jẹ́ ₦300 lórí aṣọ kan, aṣọ 16 jẹ́ ₦4,800 lóṣù. Bí owó tí ẹ ó máa dá padà lóṣooṣù bá ju èyí lọ, ẹ ṣì máa gbé aṣọ lọ fún oníwíífìn. Bí ó bá kéré sí i, ẹ mú ìwé yín wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, nítorí ìwé yẹn ni a ó kọ́kọ́ ṣí.