Dọ́là ni olùdókòwò òkè òkun yóò fi ka ìwé yín
Ẹ jẹ́ ká ní ilé iṣẹ́ òrí kan ní Mínnà ta ọjà mílíọ̀nù 460 náírà lọ́dún 2022, ó sì ta ti mílíọ̀nù 900 lọ́dún 2024. "Ọjà wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì" dùn létí nílé níbí. Ṣùgbọ́n ní iye ìjọba ìparí 2022, nǹkan bíi 460 náírà sí dọ́là, mílíọ̀nù kan dọ́là ni. Ní nǹkan bíi 1,500 tọdún 2024, ẹgbẹ̀rún 600 péré ni. Àlejò yín á ṣírò rẹ̀, kí ẹ tó délé! Ẹ tètè kọ iye méjèèjì síbẹ̀, pẹ̀lú iye tí ẹ fi ṣẹ́ owó. Kí ẹ wá fi tọ́ọ̀nù òrí tí ẹ tà lọ́dún kọ̀ọ̀kan hàn. Bí tọ́ọ̀nù bá pọ̀ sí i, ọjà yín ń gbèrú lóòótọ́. Bí kò bá pọ̀, owó ọjà lásán ló gbówó lórí.