Ta Ni Yóò Jogún Bí Olóògbé Kò Bá Ṣe Wíìlì?

Ìbéèrè ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí olúkúlùkù mú ìdáhùn tirẹ̀ ná, lẹ́yìn náà a ó wá sọ ti òfin. Òfin Íńgílándì àti Wélíìsì ni a ń sọ o. Ti Sikọ́tílándì yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin kan kú ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ṣe wíìlì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì, wọ́n sì bí ọmọ méjì: ọ̀kan jẹ́ ọmọ 20 ọdún, èkejì jẹ́ ọmọ 14. Kó tó kúrò nílé, obìnrin mìíràn ti bí ọmọkùnrin kan fún un ní Ìbàdàn, ọmọ náà ti di ẹni 26 ọdún. Bàbá yìí ní ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí ẹbí. Orúkọ bàbá nìkan ló wà lórí ilé. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìsìnkú, gbèsè àti owó tí báńkì yá a fi ra ilé kúrò, ó ku £400,000, yàtọ̀ sí mọ́tò àti ẹrù inú ilé.

Ta ló ni ogún yìí?
(a) Ìyàwó ni yóò kó gbogbo rẹ̀.
(b) Ẹ̀gbọ́n ni yóò pín in, nítorí òun ni olórí ẹbí.
(d) Ọmọkùnrin àkọ́bí ló ni ilé.
(e) Ìyàwó yóò mú tirẹ̀ ná, òun àti àwọn ọmọ yóò wá pín ìyókù.

“A” ni ọ̀pọ̀ máa ń mú. Àwọn àgbàlagbà a mú “b”. Ṣùgbọ́n “e” ni òfin wí. Ìyàwó ló ni mọ́tò àti gbogbo ẹrù ilé. Lẹ́yìn èyí yóò mú £322,000, iye tí wọ́n fi sí i láti oṣù keje ọdún 2023. Ó wá ku £78,000. Ìyàwó tún mú ìdajì rẹ̀, £39,000. Àwọn ọmọ pín £39,000 kejì. Àwọn ọmọ mélòó? Mẹ́ta ni o. Ọmọ Ìbàdàn kò kéré sí àwọn yòókù lójú òfin, bí a kò tilẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ níyàwó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba £13,000. Ti ọmọ 14 ọdún yóò wà lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ogún títí yóò fi pé ọdún 18, ìdí nìyẹn tí ènìyàn méjì fi gbọ́dọ̀ jọ gba ìwé àṣẹ láti pín ogún. Ìyàwó nìkan kò tó. Ẹ̀gbọ́n kò gba kọ́bọ̀.

Ká wá yí i padà díẹ̀. Ká ní wọn kò dé rẹ́jísírì rí. Ìdána ni wọ́n ṣe nínú gbọ̀ngàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ ẹbí, orí ìyàwó, ohun gbogbo pé. Kí ni ìyàwó yóò gbà? Ìdajì ni? Ìdá mẹ́ta ni?

Òfo ni. Lójú òfin ibí, ìdána tí a ṣe níbí kì í ṣe ìgbéyàwó, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti jọ gbé fún ogún ọdún. Gbogbo £400,000 di ti àwọn ọmọ mẹ́ta, bíi £133,333 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù fún obìnrin náà ni kó lọ sí ilé ẹjọ́ lábẹ́ òfin ọdún 1975, bó bá ti bá ọkùnrin náà gbé bíi tọkọtaya fún ọdún méjì gbáko títí ó fi kú. Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n fún un, láti ọjọ́ tí ìwé àṣẹ pínpín ogún bá jáde. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àfi bí adájọ́ bá ṣàánú rẹ̀.

Ìyípadà kejì: ká ní orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ilé. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn méjì lè gbà ní ilé pọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n jọ ni gbogbo rẹ̀ láìpín, ẹni tó kù ló ni ín lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà ṣe ìyàwó rẹ́jísírì tàbí ti ìdána. Ilé náà kì í wọ inú ogún rárá. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá ní ìpín tirẹ̀, ìpín olóògbé ni a ó pín bí a ti ṣàlàyé. Lọ́yà tó bá yín ra ilé yóò mọ èyí tí ẹ ṣe, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò máa bi wá nípa ilé tí bàbá kọ́ sí Ìbàdàn. Òfin ibí kò dé ibẹ̀. Òfin ilé ni yóò pín ilẹ̀ àti ilé tó wà nílé, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ni a ó sì ti gba ìwé àṣẹ mìíràn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ olórí ẹbí àti ìdí-igi ti lè wọlé.