Ẹ Wo Lẹbẹ Kí Ẹ Tó Sanwó Ẹja
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé bá àwọn ẹlẹ́ja Ṣómólú àti Bàrígà sọ níbi ìpàdé



Púpọ̀ nínú wa kì í dé kóòlù-rúùmù mọ́ kí a tó sanwó. Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù, wọ́n á ní Táítọ́ọ̀sì ni, àwa náà á fowó ránṣẹ́. Tí páálí bá wá dé, tó jẹ́ Kótè, ta ni yóò gbé àdánù rẹ̀? Ẹ má fi àwọ̀ nìkan dá ẹja mọ̀ o. Yìnyín máa ń pa àwọ̀ dà, iná fóònù sì máa ń tan ojú jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara rẹ̀. Táítọ́ọ̀sì sanra láàárín, ó sì tín-ín-rín síhà orí àti síhà ìrù. Ṣáwá ní tirẹ̀ pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, abẹ́ ikùn rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki bí ayùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ti Táítọ́ọ̀sì jẹ́ méjì, àyè sì wà láàárín wọn dáadáa. Lẹ́yìn èkejì, ẹ ó rí lẹbẹ kéékèèké márùn-ún tó tò lọ sí ìdí ìrù, márùn-ún mìíràn sì wà nísàlẹ̀. Kótè kò ní kéékèèké yẹn. Lẹbẹ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, èkejì sì gùn dé ẹ̀gbẹ́ ìrù. Ẹyọ kan péré ni Ṣáwá ní, láàárín ẹ̀yìn.

Ẹnu ńkọ́? Ti Táítọ́ọ̀sì àti Kótè wà ní ṣóńṣó orí gan-an. Ti Ṣáwá wò sókè díẹ̀, nítorí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú.

Ó wá ku ìpẹ́. Ti Táítọ́ọ̀sì kéré débi pé ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé kò ní. Kótè ní ìpẹ́ líle tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ bí ìlà kan, ìlà náà sì tẹ̀ wá sísàlẹ̀ láàárín ara kó tó lọ tààrà sí ìrù. Ìpẹ́ Ṣáwá tóbi, ṣùgbọ́n ó tètè ń bọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wá: Ṣáwá tí ìpẹ́ rẹ̀ ti bọ́ lè dán bíi Táítọ́ọ̀sì. Ẹ padà sí lẹbẹ, kò lè bọ́ bí ìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé fọ́tò kan dé báyìí. Ẹ̀yìn ẹja dúdú, ikùn rẹ̀ funfun, wọ́n ní Táítọ́ọ̀sì ni. Ẹ wá lẹbẹ kéékèèké, ẹ ò rí i. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́, ẹ rí ìlà líle tó tẹ̀. Kótè nìyẹn o, owó Kótè ni kẹ́ ẹ dá lé e.

Tí ẹja bá wà nínú yìnyín mọ́ra, ẹ má ṣe méfò. Ẹ ní kí wọ́n mú ẹyọ kan jáde, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ torí-tìrù, kí wọ́n na lẹbẹ rẹ̀, kí wọ́n tún un yà. Ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè sọ bóyá ẹja ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì. Ìyẹn, ẹ dúró títí páálí yóò fi dé ọwọ́ yín.

A ó tà, a ó jèrè o.